Ìdí-igi là já ní kóòtù, ó ń kú nílé

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Bẹ́ńsìn wọ inú ìgboro Ìkòròdú yóò rí i lára ògiri ilé àtijọ́ mélòó kan: wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé náà kì í ṣe títà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ẹ̀pẹ́. Àlejò a máa rò pé gbájú-ẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà lé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ bàbá kan náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń bá wí. Ẹnì kan nínú ẹbí ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ilé, àwọn yòókù ò gbọ́ sí i. Bàbá tó kọ́lé ti kú láìkọ ìwé ìhágún, ìyàwó rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kò sì sí ẹni tó pe ẹbí jókòó kí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe pín in.

Òfin méjì ló dúró lórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-ẹjọ́ gíga sílẹ̀ lọ́dún 1876, tí wọ́n ń ṣàkóso Èkó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, òfin Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò lé àṣà onílẹ̀ jáde. Wọ́n ní kí adájọ́ máa fi àṣà dájọ́ láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀, pàápàá lórí ìgbéyàwó, ilẹ̀ àti ogún. Wọ́n wá fi gbólóhùn kan dè é: àṣà náà kò gbọdọ̀ tako ìdájọ́ òdodo, ìdọ́gba àti ẹ̀rí-ọkàn rere, kò sì gbọdọ̀ forí gbárí pẹ̀lú òfin tí ìjọba ṣe. Gbólóhùn yìí ṣì wà nínú òfin ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó, irú rẹ̀ sì wà nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011. Òun ni asẹ́ tí adájọ́ fi ń jọ àṣà: èyí tó bá kọjá, ó di òfin, èyí tí kò kọjá, ó dòfo.

Ẹ̀sùn tí a máa ń fi kan asẹ́ yìí ni pé ọkàn òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é, òun ló sì pa àṣà wa. Mo gbà pé ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá wo ọ̀rọ̀ ogún láàárín Yorùbá, pàápàá ní Èkó, ohun mìíràn ni ìwé ẹjọ́ ń sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ti Dáwódù àti Dáńmọ́lé. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó láìkọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ló bímọ fún un, ọmọ náà sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ìbéèrè tó délé ẹjọ́ kò le lójú ọmọ Yorùbá: ṣé ìdí-igi ni ká fi pín in, àbí orí-ò-jorí? Ní ìdí-igi, ìyá kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan, ìdí kọ̀ọ̀kan á sì gba dọ́gba. Ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba dọ́gba, ìyá yòówù tó bí i.

Ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó. Ká ní bàbá kan bí ọmọ mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀, ìyàwó kìíní bí ọ̀kan, ìkejì bí ọ̀kan, ìkẹta bí mẹ́ta, ìkẹrin bí mẹ́rin, owó ilé tó wọlé lọ́dún sì jẹ́ ₦3,600,000. Bí ìdí-igi bá ni, ìdí kọ̀ọ̀kan gba ₦900,000. Ọmọ tó dá wà nídìí ìyá rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó wà nídìí ìkẹrin gba ₦225,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bí orí-ò-jorí bá ni, oníkálukú gba ₦400,000. Ẹ ti mọ ẹni tí yóò pariwo ìdí-igi àti ẹni tí yóò pariwo orí-ò-jorí, kò sì sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn.

Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà rí i pé ìdí-igi ni àṣà láti ilẹ̀ wá, ṣùgbọ́n orí-ò-jorí ló dọ́gba lójú tirẹ̀, ó sì fara mọ́ ọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà yí ìdájọ́ yẹn padà lọ́dún 1958. Wọ́n ní ìdí-igi ṣì wà láàyè, pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n mú wọlé kí ìjà má baà délé ẹjọ́, àti pé bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí ló láṣẹ láti sọ èyí tí wọn yóò lò. Ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1962. Àwọn òyìnbó yìí sọ pé ohun tí í ṣe òdodo láwùjọ tí ọkùnrin ti ń fẹ́ ju aya kan lọ, a kò gbọdọ̀ fi tàwọn aláyakan wọ̀n ọ́n. Lọ́nà kan, àwọn ni wọ́n gbèjà àṣà wa lọ́wọ́ adájọ́ tó jókòó ní Èkó níbí.

Bí asẹ́ kò bá pa ìdí-igi, kí ló ń pa á? Ẹ wo apá tó kẹ́yìn nínú ìdájọ́ yẹn dáadáa: olórí ẹbí ló ń pinnu. Àwọn adájọ́ gbà pé àṣà yìí ní ẹnu tó ń sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, lọ́dún 1908, Adájọ́ Àgbà Osborne sọ pé ohun tó jọ òun lójú nínú àṣà wa ni pé ó ń tẹ̀, kì í dá, ó ń bá ìgbà yí láìsọ ara rẹ̀ nù. Ẹjọ́ yẹn náà ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ obìnrin lè di olórí ẹbí nígbà tí àgbà bá kàn án.

Ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó, tún là á yé wa sí i. Ìjọba rọ̀ ọ́ lóyè lọ́dún 1925, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n jiyàn pé àṣà ni pé kí ọba tí wọ́n bá rọ̀ lóyè fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, Lord Atkin dáhùn lọ́dún 1931 pé àṣà tó bá ṣì burú bó ṣe burú, kóòtù yóò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù fúnra rẹ̀ kò lè tún un rọ kó wá di èyí tó rọ̀jú. Ará ìlú nìkan ló lè ṣe ìyẹn, nítorí ìfọwọ́sí wọn ló ń sọ àṣà di òfin. Adájọ́ lè gba àṣà tàbí kó kọ̀ ọ́, kò sí agbedeméjì fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdíbàjẹ́ ti wọlé. Àwọn tí ìfọwọ́sí wà lọ́wọ́ wọn kò jókòó mọ́. Ẹ̀yìn ọdún 1978, tí òfin ilẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ẹbí ṣì ń ta ilẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, wọ́n ṣì ń fọwọ́ sí rìsíìtì, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ilẹ̀ ti sọ dáwódù di ẹni tí alágbàtà ń lépa. Òfin wa sọ ọ́ kedere láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika lọ́dún 1959: bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsọ fún àwọn àgbà ìdílé, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e, bí àwọn àgbà bá sì tà á láìsí olórí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ìgbà tí irú ẹjọ́ yìí ń padà wá sí kóòtù fi hàn pé ìpàdé tó yẹ kó ṣáájú títà kò wáyé.

Òfin ẹ̀rí dá kún un. Níwájú adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga, àṣà kì í ṣe òfin tó yẹ kó ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi ẹlẹ́rìí gbè lẹ́yìn ni, àfi èyí tí ilé-ẹjọ́ ńlá bá ti dá lẹ́jọ́ rí. Ìdí-igi ti wọ inú ìwé, kò tún nílò ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, lọ́yà yóò ka ìdájọ́ 1962 jáde bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe ìpàdé ẹbí náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, orí-ò-jorí ni àwọn ọmọ fẹnu kò sí lónìí, àwọn ìyá pàápàá sì fara mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá ṣàdédé gbé ìdí-igi dìde ní kóòtù, ó ṣeé ṣe kó jàre àṣà tí ilé bàbá rẹ̀ ti fi sílẹ̀ tipẹ́, bí àwọn yòókù kò bá rí àkọsílẹ̀ kankan mú wá.

Asẹ́ gan-an ti ń gbó. Lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé àṣà Ìgbò tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀. Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni wọ́n dì mú, kì í ṣe ẹ̀rí-ọkàn adájọ́. Mo rò pé ọ̀nà tó dára jù nìyẹn, nítorí ìwé òfin ṣeé kà, ẹ̀rí-ọkàn kò ṣeé kà. Ó tún mú ìbéèrè kan súnmọ́ wa. Àṣà Yorùbá fún ọmọbìnrin ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n opó kì í jogún ọkọ tó fẹ́ ẹ nílànà ìbílẹ̀. Ẹjọ́ Súbérù àti Súnmọ́nù sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1957, ti Akínnúbi tún un sọ lọ́dún 1997. Bí àwa ò bá tún un ṣe nílé, kóòtù ni yóò gé e, Lord Atkin sì ti sọ fún wa pé gígé nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó wọ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 1967, ìjọba ní kí wọ́n kọ àṣà oyè jíjẹ sílẹ̀: àwọn ìdílé tó ń jọba, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, àwọn tó ń yan ọba. Títí di òní, òun ni wọ́n ń gbé wá bí ìjà oyè bá dé. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ fún ogún. Mi ò ní kí ìjọba wá ṣe é, nítorí yóò tún dì í pa ni. Ẹ̀yin dáwódù àti àgbà obìnrin nínú ẹbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀: nígbà tí ẹ bá ti pín ogún, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ fi pín in sílẹ̀, ẹ kọ ipò tí ẹ fi opó sí, kí gbogbo ìdí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ sọ́wọ́ ìdí kọ̀ọ̀kan.