Ìtàn Gígùn Ìṣísẹ̀ Nínú Ọgbọ́n Ìsọ̀kalẹ̀ Cauchy, 1847 sí 1988

1.0 Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1847, Augustin-Louis Cauchy, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé kúkurú kan síwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Párísì. Ìṣirò ipa-ọ̀nà àwọn ohun tí ń rìn lójú ọ̀run ni ó sún un dé ibẹ̀. Àwọn tí ó lo ọgbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn náà ṣàkíyèsí pé a máa rìn kọ́lọkọ̀lọ, a sì máa pẹ́ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹ̀bi kọ́lọkọ̀lọ náà kì í ṣe ti ibi tí ọgbọ́n yìí kọjú sí. Ti gígùn ìṣísẹ̀ rẹ̀ ni.

2.0 Ohun tí Cauchy Dábàá

Bí iye kan bá ń yí padà gẹ́gẹ́ bí x àti y ṣe ń yí padà, tí ìyípadà náà sì lọ geere, ó dàbí ilẹ̀ olókè àti àfonífojì tí kò ní ìdérí òjijì. Ní ojú kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ náà, ìṣirò lè fún ènìyàn ní ọfà ìgòkè, èyí tí ó tọ́ka sí ibi tí òkè ti ga sókè kíákíá jù lọ. Cauchy ní kí oníṣirò kẹ̀yìn sí ọfà yìí, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n t ìlọ́po gígùn ọfà náà.

Ọ̀nà méjì ni ó là sílẹ̀ fún yíyan t. Èkíní ni kí t kéré tó bẹ́ẹ̀ tí iye náà yóò fi dín kù. Èkejì ni kí oníṣirò máa lọ títí dé ibi tí iye náà ti kéré jù lọ lójú ọ̀nà yẹn kí ó tó dúró. Ọ̀nà kejì yìí dára létí, nítorí kò sí ìṣísẹ̀ kan tí ó lè dára jù ú lọ bí a bá wò ó lóun nìkan. Inú rẹ̀ gan-an ni kọ́lọkọ̀lọ ti jáde.

3.0 Àpẹẹrẹ Kan

Ẹ jẹ́ kí f(x, y) = ½(x² + 9y²). Àfonífojì tóóró ni èyí: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gidigidi ní ìhà y, ó sì rọra tẹ́ ní ìhà x. Ọfà ìgòkè ibẹ̀ ni (x, 9y), ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni (0, 0).

Bí oníṣirò bá bẹ̀rẹ̀ ní (9, 1), f jẹ́ 45, ọfà sì jẹ́ (9, 9). Ọ̀nà kejì Cauchy fún un ní t = 0.2, ó sì gbé e dé (7.2, –0.8). Ọfà tuntun ni (7.2, –7.2), èyí tí ó dá igun ọ̀tún pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ìsọ̀kalẹ̀ ti tán lójú ọ̀nà àtijọ́ ni oníṣirò dúró sí. Kò sí ohun tí ó kù ní ìhà yẹn mọ́. Ìṣísẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e tún jẹ́ 0.2, ó sì dé (5.76, 0.64). Bẹ́ẹ̀ ni y yóò máa fò láti ẹ̀gbẹ́ kan àfonífojì sí èkejì, tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì gé ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ kúrò nínú ọ̀nà tí ó kù.

Bí ó bá sọ t di iye kan ṣoṣo, x yóò máa di ìlọ́po (1 – t), y yóò sì máa di ìlọ́po (1 – 9t). Bí t bá jẹ́ 0.1, y kò ní fò rárá, ṣùgbọ́n x yóò máa wọ́. Bí t bá kọjá 2/9, y yóò máa pọ̀ sí i nígbà gbogbo tí ó bá fò. Àmì tí a fi í mọ̀ nìyí: f yóò máa ga dípò kí ó máa wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́kọ́ lo t = 1/9, yóò dé (8, 0); bí ó bá wá lo t = 1, yóò dé (0, 0). Ìṣísẹ̀ méjì péré ni! Nínú méjèèjì, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ọfà ìgòkè bí Cauchy ti wí. Gígùn ìṣísẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

4.0 Akaike, Barzilai àti Borwein

Ní ọdún 1959, Hirotugu Akaike ní Jàpáàn fi hàn pé kọ́lọkọ̀lọ yìí kì í ṣe ti iye àìmọ̀ méjì nìkan. Lórí irú àfonífojì tí ó wà lókè yìí, bí iye àìmọ̀ tilẹ̀ pọ̀, ọ̀nà kejì Cauchy a máa já sí pààrọ̀ láàrin ìhà méjì péré nígbẹ̀yìn.

Ní ọdún 1988 ni Jonathan Barzilai àti Jonathan Borwein gbé ìlànà tuntun jáde. Wọn kò fọwọ́ kan ìhà tí Cauchy kọjú sí. Inú ìyàtọ̀ ojú méjì tí oníṣirò dé kẹ́yìn àti ìyàtọ̀ ọfà wọn ni wọ́n ti ṣírò t. Lórí àpẹẹrẹ wa, èyí já sí pé t tí ó yẹ ìṣísẹ̀ àná ni a lò lónìí. Bí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ 0.1, f yóò di 1.66 ní ìṣísẹ̀ kẹta, yóò fò sókè sí 77.4 ní ìkẹrin, yóò sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.01 ní ìkarùn-ún. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ márùn-ún kan náà, ti Cauchy ṣì wà ní 4.83.

Ìlànà yìí ní ààlà tirẹ̀. Bí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láti (9, 1) bá jẹ́ 0.2, gbogbo èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò jẹ́ 0.2, kọ́lọkọ̀lọ àtijọ́ yóò sì padà. Bákan náà, ẹni tí kò bá lè fara da kí f máa fò sókè nígbà mìíràn kò lè lò ó láìfi ìjánu sí i.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ìṣísẹ̀ tí ó dára jù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan kò fi dandan di ìrìn tí ó dára jù lọ lápapọ̀. Láti (9, 1), ìṣísẹ̀ 1/9 mú f wá sí 32, nígbà tí 0.2 mú un wá sí 28.8. Èyí tí ó jèrè díẹ̀ ni ó ṣí ọ̀nà tààrà sílẹ̀; èyí tí ó jèrè púpọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ.