Omi Dírípù Ní Wákàtí Àkọ́kọ́: Ohun Tí Áfíríkà Fi Kọ́ Àwọn Dókítà

Sẹ́písìsì ni ìgbà tí àkóràn mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́. Ní 2001, Dókítà Emanuel Rivers ní ìlú Détróìtì tẹ ìwádìí jáde pé títètè fa omi sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì, ń dín ikú kù. Láti ibẹ̀ ni òfin ìtọ́jú ti wá bá gbogbo àgbáyé: oògùn apakòkòrò láàárín wákàtí kan, àti, láti 2012, mílílítà 30 omi fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Áfíríkà ló kọ́kọ́ tú àṣírí ewu tó wà nínú omi náà. Ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà, ìwádìí FEAST tọ́jú ọmọdé 3,141 tí ibà líle mú, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ṣàn dáadáa lára wọn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011: láàárín ọjọ́ méjì, nǹkan bí 7 nínú 100 ló kú lára àwọn tí a kò sáré rọ omi fún, ṣùgbọ́n ó lé ní 10 lára àwọn tí a sáré rọ ọ́ fún. Wọn kò kó ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe sínú rẹ̀, torí omi ara ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbẹ lóòótọ́. Ní 2017, ìwádìí láti Lùsákà ní Sáḿbíà rí ohun tó jọ ọ́ lára àgbàlagbà: 48 nínú 100 ló kú níbi tí omi ti pọ̀, 33 níbi ìtọ́jú tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní kòkòrò éédì, nítorí náà a kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lára gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ìbàdàn. Ká ní obìnrin kan ní Agbowó, 60 kílò, bímọ ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ti ń fún un ní oògùn ibà láti ilé kẹ́míìsì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé UCH, ó ń mí nígbà 28 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 84/50. Bí a bá tẹ èékánná rẹ̀, ó pẹ́ kí àwọ̀ tó padà. Àmì wọ̀nyí ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kí nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò, kí oògùn apakòkòrò sì wọ inú iṣan lójú ẹsẹ̀, láìdúró de láàbù.

Òfin sọ pé mílílítà 1,800, ó lé ní báàgì mẹ́ta. Èrò tèmi ni pé, níbi tí ẹ̀rọ amúnimí kò bá wà nítòsí, kí wọ́n fún un ní 500, kí wọ́n gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí wọ́n tún ìfúnpá wọ̀n, kí wọ́n tó gbé báàgì kejì kọ́. Bí èémí bá ń le sí i, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè ló kàn.

Láàbù yóò dé lẹ́yìn náà. Ìwọ̀n SOFA, tí wọ́n gbé jáde ní 1996, ń fún ẹ̀yà ara mẹ́fà ní máàkì láti 0 dé 4. Ìfúnpá rẹ̀ gba 1, ọpọlọ 1, kídìnrín 2 torí kíríátínìnì rẹ̀ jẹ́ 2.4, pílétílẹ́ẹ̀tì 90,000 gba 2. Ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró gba 0. Àpapọ̀ jẹ́ 6. Láti 2016, bí máàkì bá fi 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí ti àtẹ̀yìnwá nítorí àkóràn, sẹ́písìsì ni. Máàkì yìí ń sọ bí ó ti burú tó. Kì í sọ ìgbà tí oògùn yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ibà bá bá ìmí kíkankíkan, ọ̀rọ̀ rúdurùdu tàbí àìtọ̀ rìn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe ilé kẹ́míìsì.