Ohun Tí Ń Bẹ Lẹ́yìn 90

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ pé ohun tó pamọ́ máa ń pọ̀ ju èyí tí ojú kọ́kọ́ rí lọ, a sì sábà máa ń lò ó níbi tí a bá ti fura sí ìkà. Ṣùgbọ́n òwe náà fúnra rẹ̀ kò sọ pé ibi ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Ẹ wo àwọn géèmù ogun tí a ti ń to ọmọ ogun sórí pápá, tí àwa á ta tiwa, tí ọ̀tá náà á sì ta tirẹ̀ bó bá kàn án. Kí akọni tó ṣá ọ̀tá, ẹ̀rọ á kọ 90 sójú, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, idà á bà á ní àádọ́rùn-ún. Bó bá wá tàsé, ẹni tó ń ta á á fi igbe ta pé ẹ̀rọ ń rẹ́ òun jẹ. Nínú Fire Emblem, tí ilé iṣẹ́ Intelligent Systems bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún Nintendo ní 1990, ẹ̀rọ ti purọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń ké yìí gan-an ni irọ́ náà sábà ń ṣe lóore.

Ibi tí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ti ń wá ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ ká mú The Blazing Blade tó jáde ní 2003, ká sì sọ pé olè kan gbé àáké irin. Àáké náà fúnra rẹ̀ ní 75. Bí ìmọ̀ọ́ṣe olè bá jẹ́ 3, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, á fi 6 náà kún un, ó di 81. Ìdajì oríire rẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n olè tiwa yìí kò ní oríire kankan. Idà ni akọni tó dojú kọ mú lọ́wọ́, idà sì ń borí àáké nínú òfin géèmù náà, nítorí náà 15 kúrò, ó ku 66. Ìyára akọni jẹ́ 10, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 20; oríire rẹ̀ jẹ́ 6; àpapọ̀ wọn, 26, ni yóò fi yẹ àáké. Ó ku 40. Bí akọni bá lọ dúró sínú igbó, igbó á gba 20 mìíràn kúrò, 20 péré ni yóò sì hàn lójú ẹ̀rọ. Gbogbo èyí kò pamọ́ tán, ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èyí tó pamọ́ ni bí ẹ̀rọ ṣe ń fi 20 náà dájọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ló ń ṣa nọ́ńbà kan láti 0 dé 99, tó bá kéré sí 20, àáké bà á nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Nínú The Binding Blade ti 2002 àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, méjì ni ẹ̀rọ ń ṣà, á rò wọ́n pọ̀, á pín in sí méjì, èyí tó bá jáde ló fi ń dájọ́. Ẹni tó ti ta lúdò mọ ohun tí ìyẹn ń fà: ọ̀nà mẹ́fà ni dáìsì méjì lè gbà mú 7 wá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà mú 12 wá. Ti àárín á pọ̀, ti ìpẹ̀kun á ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà 50 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, ó di 50.5; ṣùgbọ́n 90 di 98.1, 75 di 87.75, 20 ti olè wa sì já sí 8.2. Bí ènìyàn bá ṣá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹwàá ní 90 gidi, ó tó 65 nínú 100 pé yóò tàsé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. Ní 98.1, kò ju nǹkan bíi 17 lọ. Bí a bá rí 90, ohun tí ọkàn wa ń gbọ́ ni pé ó dájú, bẹ́ẹ̀ 90 gidi kò dájú rárá. Irọ́ ẹ̀rọ ló sún mọ́ ohun tí ọkàn ń retí ju òótọ́ lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ojúsàájú nìyẹn. Rárá o, òfin kan náà ló de ọ̀tá. Bí ọ̀tá bá ní 80 lórí akọni kan tó wọ ẹ̀wù irin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fà, 92.2 ló ní ní tòótọ́. Ohun tó mú un dà bí ojúsàájú ni pé àwọn akọni wa ló sábà máa ń wà lókè 50, àwọn ọ̀tá sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ojúsàájú gidi bá wu èèyàn láti rí, kó wo XCOM: Enemy Unknown ti 2012. Ní ipele tó rọrùn níbẹ̀, bí ọmọ ogun ẹni bá ń tàsé léraléra, ẹ̀rọ á rọra fi kún un fún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ẹ̀fà ni méjèèjì wà, kí a má gbàgbé òwe wa, ṣùgbọ́n ti Fire Emblem ṣeé fọwọ́ kà. Kọ ọgọ́rùn-ún ìgbà tí 90 hàn sílẹ̀: bí nǹkan bíi mẹ́wàá bá tàsé, nọ́ńbà kan ni ẹ̀rọ ń ṣà, bó bá jẹ́ bíi méjì, nọ́ńbà méjì ni. Ogún ìgbà kò tó dá ẹjọ́ yìí.

Kí ẹni tó bá mọ èyí má wá fi ọkàn balẹ̀ jù. Nọ́ńbà méjì yìí kan bíbà nìkan. Ọgbẹ́ ńlá, tí ẹ̀rọ kọ lọ́tọ̀, tó ń sọ ìpalára di ìlọ́po mẹ́ta, nọ́ńbà kan péré ni wọ́n ń ṣà fún un. Bí nọ́ńbà bíbà ọ̀tá bá jẹ́ 3, ní tòótọ́ kò ju 0.21 lọ. Bí nọ́ńbà ọgbẹ́ ńlá rẹ̀ bá jẹ́ 3, tí ohun ìjà rẹ̀ sì ti bà ọ́, 3 náà jẹ́ 3 gangan.