Bí Òní Ti Rí: Ọjà Ìpín Ìdókòwò Tó Wó ní 2008 àti Ẹni Tí Kò Tà

"Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Bí a bá ń pa òwe yìí fún ẹni tí nǹkan dojú rú fún, ìlàjì àkọ́kọ́ la sábà máa ń sọ, a ó wá gbé ìyókù jù sílẹ̀. Òwe ìtùnú ló dà nígbà náà: fọkàn balẹ̀, yóò dára. Ṣùgbọ́n àgbà tó dá a sílẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ó mú babaláwo wọ inú rẹ̀, ó sì fún un níṣẹ́ ṣe. Babaláwo kò torí pé òní burú kó ta ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò káwọ́ gbera kó máa retí ọ̀la. Ọrọọrún ló ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ẹni tó ní ìpín ìdókòwò lọ́wọ́ nígbà tí ọjà bá wó nílò ìlàjì méjèèjì, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2008 fi hàn pé ẹni tó mú ẹyọ kan tó fi èkejì sílẹ̀ jìyà rẹ̀.

Ní 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. 25 ló kù lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ̀ aráàlú ni wọ́n ti lọ wá owó ọ̀hún. Fọ́ọ̀mù ìpín dé Àkúrẹ́, ó dé Oǹdó, bó ti dé gbogbo ìlú tí báńkì wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, Àkúrẹ́, ra, olùkọ́ ra, ẹni tó gba owó ìfẹ̀yìntì ra, oníṣòwò kòkó náà ra. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Òǹkà tí wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo ọjà ìpín wà ní 33,189 nígbà tí 2006 parí; nígbà tó fi di oṣù Kẹta 2008, ó ti fò dé 66,371. Owó ẹni tó wọlé ní ìparí 2006 ti di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ṣùgbọ́n owó tó gbé e dé òkè kì í ṣe owó àfipamọ́ nìkan. Àwọn báńkì ń yá àwọn alágbàtà àti àwọn olówó lówó kí wọ́n fi ra ìpín, ìpín tí wọ́n rà náà ni wọ́n sì fi dúró fún gbèsè ọ̀hún. Ẹni tó bá yá owó báyìí kò ní àṣẹ láti ní sùúrù. Bí iye ìpín bá já ju bó ṣe yẹ lọ, ayánilówó á ní kó mú owó sí i wá, bí kò bá sì rí i, wọn á ta ìpín náà láìbi í. Títà yẹn á tún já iye lulẹ̀, á sì kan gbèsè ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn òyìnbó tó kó owó wá síbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà lọ pa iná tó ń jó nílé wọn, tí ilé-iṣẹ́ Lehman Brothers wó ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án 2008, tí àgbá epo rọ̀bì sì já láti orí dọ́là 147 sí ìsàlẹ̀ 40 láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn onígbèsè yìí ni wọ́n kọ́kọ́ tà, tipátipá sì ni.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ọdún náà tí mo fẹ́ kí a dúró wò dáadáa. Lábẹ́ òfin ọjà nígbà náà, iye ìpín kan kò lè já ju ìdá 5 nínú 100 lọ lóòjọ́. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 2008, àwọn aláṣẹ dín in kù sí ìdá 1, wọ́n sì fi gígòkè sílẹ̀ ní ìdá 5. Wọ́n rò pé ìpayà á rọlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé iye tó wà nílẹ̀ kò tíì dé ibi tó ń lọ, kò sí ẹni tó fẹ́ rà lónìí ohun tí iye rẹ̀ yóò tún wálẹ̀ ní ọ̀la. Àwọn tó fẹ́ tà tò lọ bí ẹni tó ń retí epo bẹntiróòlù, kò sì sí oníbàárà. Ní oṣù Kẹwàá ni wọ́n dá òfin náà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ọjà bá wó kì í ṣe ọjọ́ tí ènìyàn ń pinnu bóyá òun á tà. Ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú ìpín lọ́jọ́ yẹn, yálà ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tàbí kò ní, ó ti há. Kí ọjà tó wó ni a ti ń ṣètò ìfọ̀kànbalẹ̀: kí owó náà má jẹ́ yíyá, kí ó má sì jẹ́ èyí tí a ó nílò láàárín ọdún márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn méjì ṣe ìṣirò. Ká sọ pé olùkọ́ kan ní Oǹdó kó 100,000 náírà sínú gbogbo ọjà ní ìparí 2006, kí òṣìṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ sì kó iye kan náà sí i ní oṣù Kẹta 2008 nígbà tí ariwo pọ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, òǹkà ọjà ti já wá sí nǹkan bí 20,000. Olùkọ́ yẹn ní 60,000 lọ́wọ́. Ará Àkúrẹ́ ní 30,000. Bí ará Àkúrẹ́ bá tà lọ́jọ́ náà, 70,000 ti lọ nìyẹn, 30,000 tó kù sì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ kó tó padà sí ibi tó ti wá. Kò sí báńkì tí yóò fi owó ìfipamọ́ ṣe èyí fún un láàárín ọdún díẹ̀. Bí kò bá tà, nígbà tí 2013 fi máa parí, òǹkà ti gòkè dé 41,329: tirẹ̀ ti di 62,000, ti olùkọ́ sì ti kọjá 124,000. A kò tíì ka èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín lọ́dọọdún mọ́ ọn.

Bí a ṣe sọ ọ́ yìí, ó dà bíi pé ó rọrùn. Kò rọrùn, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ọjà já ló le jù. Ní ìparí 2009, òǹkà wà ní 20,827. Ní ìparí 2011, ó wà ní 20,730. Ọdún méjì gbáko kọjá, ibi tí ọjà wà náà ló tún padà sí. Àyà tó já ní 2008 ti balẹ̀ nígbà yẹn, àárẹ̀ ló wá rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fara da ìjì ọ̀hún ló ta ìpín wọn ní gbàǹjo nínú àwọn ọdún wọ̀nyí, kí ọjà tó gbéra ní 2012.

Nígbà mìíràn ìpadàbọ̀ a máa yá ju báyìí lọ. Nígbà àrùn Kòrónà, òǹkà já wá sí nǹkan bí 20,700 ní oṣù Kẹrin 2020. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, ó ti dé 40,270. Èrè orí owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú ti kéré débi pé owó kò rí ibòmíràn gbà ju ọjà ìpín lọ. Ẹni tó tà ní oṣù Kẹrin, tó ní òun á padà wọlé bí gbogbo rẹ̀ bá lójú, ìlọ́po méjì ló máa fi rà á ní oṣù Kejìlá. Kò sí àmì kan tó máa ń wà lára ọjọ́ tí ọjà bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yìn rẹ̀ la tó ń mọ̀.

Ìdí nìyí tí ìlàjì kejì òwe náà, tó ní kí a máa yẹ ọ̀rọ̀ wò, fi ṣe pàtàkì: iye nìkan kò lè tọ́ wa sọ́nà. Àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè Oǹdó àti Ìdànrè kò ní ṣi èyí mọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé. Kí 2025 tó parí, ó ti já sí nǹkan bí ìdajì. Kò sí àgbẹ̀ tó lóye tí yóò torí èyí gé oko rẹ̀, nítorí iye ló já, igi kò kú. Ṣùgbọ́n bí èso bá ń rà lórí igi tí ẹ̀ka sì ń gbẹ, kò ní jókòó kó máa sọ pé òní kọ́ ni ọ̀la. Bákan náà ni ìpín. Ohun tí a ń yẹ̀ wò ni bóyá iye rẹ̀ ló já tàbí ilé-iṣẹ́ náà ló ń kú.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò Soludo, yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún: Afribank, Finbank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Gbèsè tí kò ṣeé gbà ti jẹ inú wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2011, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Afribank, Spring Bank àti Bank PHB, ìpín àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ sì di òfo. Sùúrù ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè dá a padà. Ní àsìkò kan náà, Zenith àti GTBank tí iye tiwọn náà já wálẹ̀ ń pín èrè lọ́dọọdún. Ní 2009, lójú ẹni tó ń wo iye nìkan, gbogbo báńkì ló jọra.

Ẹni tó wo ìwé ìṣirò lè fura. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ń gbé ìṣirò rẹ̀ jáde, alágbàtà tí a ń lò sì lè fún wa ní ẹ̀dà. Ti báńkì, ẹ wo iye gbèsè tí kò ṣeé gbà nínú gbogbo owó tó yá jáde; bó bá ń pọ̀ ní ìdámẹ́rin ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣọ́ra. Ẹ wo bóyá ìwé náà ń pẹ́ jáde. Ẹ wo bóyá inú èrè ló ti ń pín owó fún yín, tàbí ó ń ta ìpín tuntun lemọ́lemọ́ kó tó lè rí owó pín. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sọ gbogbo òtítọ́. Ìwé àwọn báńkì tó kú wọ̀nyẹn náà dán mọ́nránmọ́nrán kí àwọn aláyẹ̀wò tó wọlé. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó gbogbo owó yín sínú ilé-iṣẹ́ kan tàbí irú òwò kan ṣoṣo. Ẹni tó fi gbogbo tirẹ̀ ra báńkì ní 2007 kò ní ibi tí yóò sá sí.

Òtítọ́ mìíràn wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Ọdún 2023 ni òǹkà tó kọjá 66,371 ti 2008. Ó parí ọdún náà ní 74,773. Ará Àkúrẹ́ wa ti ní 112,000, àmọ́ dọ́là tí ó jẹ́ nǹkan bí 117 náírà nígbà tó wọlé ti tó nǹkan bí 900. Ẹni tó rà nígbà tí ọjà gbóná jù lọ kò sọ owó rẹ̀ nù bíi ti ẹni tó tà, síbẹ̀ ohun tí owó náà lè rà ti dín kù gan-an. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kò lè tún owó gọbọi tí a fi wọlé ṣe.

Bó bá wá di dandan kí ènìyàn ta díẹ̀, bóyá nítorí àìsàn tàbí owó ilé, àṣìṣe kan wà tí mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀. Ìpín tí iye rẹ̀ ṣì dára ni wọ́n ń kọ́kọ́ tà, nítorí òun ló mú owó wá, wọ́n á wá tọ́jú èyí tó ti já jù lọ pé ó ń bọ̀ wá padà. Báyìí ni ẹni tó ní ìpín Zenith àti ti Afribank ní 2009 ṣe lè bá ara rẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú ti Afribank nìkan. Ìṣirò ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ gbé lé iwájú kí ẹ tó yan èyí tí ẹ ó tà, ẹ gbàgbé iye tí ẹ fi rà á. Èyí tí gbèsè rẹ̀ ń pọ̀, tí ìwé rẹ̀ ń pẹ́, ni kí ó kọ́kọ́ lọ, ìbáà jẹ́ kọ́bọ̀ díẹ̀ ló máa mú wá.