Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Aṣàkóso Iná Wò Kí Ó Tó Dé Ojú Iṣẹ́

Odò Nelson, ní àríwá ìpínlẹ̀ Manitoba lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti ń mú iná wá fún ìlú Winnipeg, ọ̀nà náà sì tó nǹkan bí 900 kìlómítà. Nítorí bó ṣe jìn tó, iná dí-sì, irú èyí tó ń jáde lára bátìrì, ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ọdún 1972. Wọ́n á yí é-sì padà sí dí-sì lókè lọ́hùn-ún, wọ́n á tún dá a padà sí é-sì nítòsí ìlú. Àwọn fáàfù ńláńlá tó ń ṣí tó sì ń tì ní ìtẹ̀léra ló ń ṣe àyípadà yìí, àpótí kan tó kún fún káàdì ẹ̀rọ, ìyẹn aṣàkóso, ló sì ń sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ṣí. Kò sí ẹni tó jẹ́ kọ́kọ́ dán irú àpótí bẹ́ẹ̀ wò lórí ojúlówó wáyà. Ẹ̀rọ afarawé ni wọ́n máa ń so ó mọ́, kí ó máa rò pé ibùdó gan-an lòun wà.

Àwọn afarawé àkọ́kọ́ kì í ṣe kọ̀ǹpútà rárá. Yàrá ńlá ni, tí wọ́n to kọ́ìlì àti kapásítọ̀ kéékèèké sí, tí fóltì mélòó kan dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àléébù wọn kò hàn sí ojú lásán: kọ́ìlì kékeré máa ń fi iná ṣòfò ju ti ńlá lọ, bí a bá fi wé ìwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, rúkèrúdò tó yẹ kó pẹ́ lórí wáyà máa ń tètè rọlẹ̀ níbẹ̀, aṣàkóso yóò sì dà bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ mìíràn dá agbára tó ṣòfò yẹn padà. Bí iṣẹ́ tuntun bá sì dé, wọ́n á tún gbogbo wáyà so.

Ní 1969, Hermann Dommel tẹ ọ̀nà kan jáde tí kọ̀ǹpútà lè fi ṣe ìṣirò iná nígbà tó bá ń ru gùdù, ní ìgbésẹ̀ kéékèèké. Ṣùgbọ́n ìṣirò ìṣẹ́jú-àáyá kan lè gba kọ̀ǹpútà ìgbà náà ní àkókò gígùn, aṣàkóso tòótọ́ kò sì lè dúró dè é. Winnipeg ni wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀, níbi tí ibùdó ìwádìí iná dí-sì ti Manitoba ti gbé afarawé oníkọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní RTDS jáde ní 1989. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 50 máíkírósẹ́kọ́ǹdì, ìyẹn ìdá 50 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọgbọ́n tó gbà wọ́n ni pé iná kì í rìn ju 15 kìlómítà lọ láàárín ìgbà yẹn. Nítorí náà, àwọn ibi tí wáyà tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ pín níyà kò lè nípa lórí ara wọn nínú ìgbésẹ̀ kan náà, a sì lè fún ẹ̀rọ oníṣirò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní tirẹ̀ kí wọ́n jọ ṣe é pọ̀.

Wàhálà mìíràn ló kù. Níbi tí é-sì ti ń yí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, 50 máíkírósẹ́kọ́ǹdì ju dígírì kan lọ díẹ̀ nínú ìyípo náà, aṣàkóso sì máa ń wọn dígírì dé ìdá rẹ̀. Bí àṣẹ láti ṣí fáàfù bá dé láàárín ìgbésẹ̀ méjì, afarawé yóò ṣí i pẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé iná á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò bá fura a sì máa wá àṣìṣe tí kò sí nínú aṣàkóso. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń kọ àkókò gan-an tí àṣẹ dé sílẹ̀, wọ́n sì fi ń tún ìṣirò ṣe.

Ìdánwò tó le jù fún aṣàkóso ni ti ìgbà tí wáyà é-sì kan bá kanlẹ̀ nítòsí ibi tí dí-sì ti ń padà di é-sì. Fóltì á wálẹ̀ lójijì, fáàfù tó yẹ kó tì kò ní rí àyè tì, iná dí-sì á sì ṣẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá láìdé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Níbi ìdánwò, wọ́n á mú wáyà náà kanlẹ̀ fún 100 mílísẹ́kọ́ǹdì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wá wo iye àkókò tí agbára fi padà dé ìdá 90 nínú 100. Wọ́n á tún un ṣe, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn nínú ìyípo é-sì, nítorí ohun tó yè é níhìn-ín lè ṣubú sí i ní dígírì díẹ̀ síwájú. Èmi kò rò pé ilé iṣẹ́ iná kankan yóò gbà kí wọ́n ṣe èyí léraléra lórí wáyà àwọn oníbàárà rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí afarawé kò lè rí. Tààrà ni wáyà rẹ̀ wọ inú káàdì aṣàkóso, nítorí náà bí òṣìṣẹ́ bá so ẹ̀rọ awọnná sódì ní ibùdó, kò ní mọ̀. Apá kékeré nínú ìsopọ̀ iná agbègbè náà ló sì sábà máa ń wà nínú ìṣirò rẹ̀. Ìyókù ni wọ́n ń fi orísun iná kan ṣojú fún. Bí ìsopọ̀ náà bá yí padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, èsì àtijọ́ kò tó nǹkan mọ́. Nítorí èyí, àwọn kan máa ń ra ẹ̀dà aṣàkóso kejì, wọ́n á sì so ó mọ́ afarawé títí lọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣí ní Cumbernauld ní Sìkọ́tílándì ní 2017, níbi tí wọ́n ti lè dán ẹ̀yà tuntun sọ́fíwíà wò kí ó tó kan ojúlówó.