Mo-Ṣebí-Òun-Ni

Màmá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń forúkọ síìmù sílẹ̀ ní Mòwé, oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò gbé fóònù sókè, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni fóònù kọ̀. Mo yọjú wò ó: òjìji tó wé gèlè ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ kọjú síbí." Wọ́n yí bẹ́ǹṣì padà, ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú wọn, fóònù gbà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan lórí ẹ̀rọ tí ọlọ́pàá fi ń dá ojú mọ̀. Mo kọ "ìdánimọ̀ ojú", mo rò pé ó parí. Àṣé iṣẹ́ méjì ló wà lábẹ́ orúkọ náà. Ọ̀kan ń béèrè pé: ṣé ìwọ nìyí? Ohun tí BVAS ń ṣe níbùdó ìdìbò nìyẹn: ó ń gbé ojú olùdìbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tirẹ̀ nìkan. Èkejì ń béèrè pé: ta nìyí? Ó ń fi ojú ẹni tó ń kọjá lọ wé gbogbo fọ́tò tó wà nínú àkọsílẹ̀. Mo pe èkíní ní ìjẹ́rìí ojú, èkejì ní ìṣàwárí ojú. Èkejì yìí ni àríyànjiyàn lórí ọlọ́pàá dá lé jù.

Àṣìṣe ló wá fún mi ní wàhálà. Ohun tó ṣe màmá yẹn, àìdámọ̀ ni. Kò ná wọn ju kí wọ́n yí bẹ́ǹṣì lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ rí mi, kó pè mí ní ẹlòmíràn ńkọ́? "Àṣìmọ̀" ni mo kọ́kọ́ kọ, àmọ́ ó gbòòrò jù. Ní ìgboro, tí èèyàn bá gbá àjèjì lẹ́yìn, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ má bínú, mo ṣebí lágbájá ni." Mo sọ ọ́ di orúkọ: mo-ṣebí-òun-ni.

Ó yẹ kí wọ́n ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí ohun tó ń fà wọ́n kò dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ burúkú ló sábà máa ń fa àìdámọ̀. Mo-ṣebí-òun-ni ń ṣẹlẹ̀ nínú fọ́tò tó mọ́ kedere pẹ̀lú. Ní 2019, àjọ NIST ní Amẹ́ríkà yẹ irinṣẹ́ 189 wò, fọ́tò àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára ohun tí wọ́n lò. Ojú àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wà lára èyí tí wọ́n ń ṣì pè jù; ti àwọn ará Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ló kéré jù. Nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́, ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yà kan àti èkejì tó ìlọ́po 10 títí dé 100. Àwọn kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà kò ṣi ojú àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà pè tó bẹ́ẹ̀. Èyí jẹ́ ká fura pé ojú tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ ló ń dá mọ̀ dáadáa.

Ká ṣe bí ẹni pé wọ́n gbé kámẹ́rà tó ń ṣe ìṣàwárí ojú sí ibùdókọ̀ Ìbàfò, tí 20,000 èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́. Tó bá ń ṣi ẹnìkan pè nínú 10,000, èèyàn méjì ni. Tó bá jẹ́ ìlọ́po 100, igba èèyàn ni ọlọ́pàá yóò dá dúró lásán, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Máàkì ni ẹ̀rọ ń fún ìjọra. Èèyàn ló ń yan ibi tí máàkì náà gbọ́dọ̀ dé kí agogo tó dún. Gbèdéke ni mo pe ibẹ̀, n kò sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní 2023, ilé ìwádìí NPL ní Bìrìtìkó yẹ ẹ̀rọ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù àti ti Gúúsù Wélíìsì wò. Nígbà tí gbèdéke wà ní 0.6, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ láàárín àwọ̀. Nígbà tí wọ́n fà á wálẹ̀ dé 0.56, àwọn aláwọ̀ dúdú ni mo-ṣebí-òun-ni ń bá jù. Àwọn ará wa tó wà ní Pẹ́kámù kò mọ nọ́ńbà tí ọlọ́pàá yàn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sọ́jà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ Yorùbá ní Ìfọ̀ ní kí n pe ìyàtọ̀ yìí ní ojúsàájú. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ojú sì wà nínú rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kò ní ẹni tó fẹ́ràn. Ó ní ẹni tó yan gbèdéke ńkọ́? Mo dákẹ́. Ní 2020, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá ọlọ́pàá Gúúsù Wélíìsì lẹ́bi, lára ẹ̀sùn náà sì ni pé wọn kò yẹ ẹ̀rọ wò bóyá ó ń fi àwọ̀ ṣe ìyàtọ̀. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé ẹ̀rọ náà ń ṣe ojúsàájú. Àìwádìí ni ẹ̀ṣẹ̀. Mo kọ "ìyàtọ̀ ìpéye" fún ẹ̀rọ, mo fi ojúsàájú sílẹ̀ fún èèyàn.

Ọlọ́pàá Dẹ̀tírọ́ìtì ní Amẹ́ríkà mú bàbá kan, aláwọ̀ dúdú, níwájú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ní January 2020, torí ẹ̀rọ ní òun ló jí aago. Kì í ṣe òun. Nínú àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ náà ní 2024, ọlọ́pàá ìlú náà kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan mú èèyàn mọ́. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ojú mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, àmọ́ ó yọ ìwádìí ọ̀daràn kúrò nínú ọ̀pọ̀ ojúṣe tó là sílẹ̀.

Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ mi. Gbogbo ibi tí mo ti kọ "ẹ̀rọ dá a mọ̀" ni mo pa rẹ́. "Ẹ̀rọ ní ó jọ ọ́" ni mo fi sí i.