Bí Òṣìṣẹ́ bá Ṣe Àdéhùn tí Ọ̀gá Rẹ̀ Kò Fọwọ́ sí, Ta Ni Yóò San Gbèsè Náà?

Ní agbègbè Òkè-Ògùn, ọ̀pọ̀ òwò ni a máa ń ṣe láìsí olówò gan-an níbẹ̀. Oníṣòwò lè fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, kí akọ̀wé rẹ̀ máa ra àgbàdo fún un ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn. Bí akọ̀wé náà bá wá ra ọjà kọjá iye tí ọ̀gá rẹ̀ pa láṣẹ, ǹjẹ́ ọ̀gá lè kọ̀ láti sanwó? Òfin ilẹ̀ wa sọ pé kò lè kọ̀ nígbà mìíràn, a ó sì ṣàlàyé ohun tí ń mú kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Oríṣi àṣẹ méjì ni òṣìṣẹ́ lè ní. Èkíní ni àṣẹ gidi, èyí tí ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tàbí tí ó kọ sínú ìwé. Èkejì ni èyí tí a ó pè ní àṣẹ àfojúrí níhìn-ín: àṣẹ tí ọ̀gá kò fún òṣìṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n tí ìwà ọ̀gá náà mú kí ará ìta gbà pé ó ní.

Ẹjọ́ tí a mọ̀ jù lọ lórí ọ̀ràn yìí ni èyí tí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní ọdún 1964, láàárín àwọn ayàwòrán ilé tí ń jẹ́ Freeman àti Lockyer, àti ilé-iṣẹ́ kan tí ó ra ilẹ̀ ńlá. Ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe bí ọ̀gá àgbà, bẹ́ẹ̀ ni a kò yàn án sí ipò náà. Àwọn olùdarí yòókù mọ̀, wọn kò sì dá a lẹ́kun. Òun ni ó gba àwọn ayàwòrán náà síṣẹ́. Nígbà tí owó tó san, ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò rán an. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n sanwó, nítorí pé àwọn tí ó ní àṣẹ gidi ni wọ́n jẹ́ kí ayé rí i bí ọ̀gá àgbà.

Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlànà yìí. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 náà fi í múlẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní olówò kan fi akọ̀wé sí ìsọ̀ ọkà rẹ̀ ní Ṣakí. Ó fún un ní ìwé rìsíìtì àti òǹtẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un ní ìkọ̀kọ̀ pé kò gbọdọ̀ ra ju 20 àpò lọ ní àwìn. Akọ̀wé ra 60 àpò ní àwìn lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan. Olówò sanwó, kò sì sọ ohunkóhun fún àgbẹ̀ náà. Ó tún ra 70, olówò tún san. Nígbà kẹta, ó ra 80, ó tà á, ó sì sá lọ. Olówò yìí ni yóò san gbèsè 80 àpò náà. Ìkìlọ̀ ìkọ̀kọ̀ kò dé etí àgbẹ̀. Owó tí olówò san lẹ́ẹ̀mejì ni àgbẹ̀ rí, òun ni ó sì gbọ́kàn lé.

Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ náà kò bá rí nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ olówò, tí ó jẹ́ pé akọ̀wé nìkan ni ó ń fọ́nnu pé, "Èmi ni mo láṣẹ gbogbo níbí," ọ̀rọ̀ yí padà. Òṣìṣẹ́ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ dá àṣẹ àfojúrí sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bákan náà ni bí akọ̀wé bá ta ọkọ̀ akẹ́rù olówò ní ìdajì iye rẹ̀, tí ó sì ní kí wọ́n san owó náà sínú àpò ìkówópamọ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ títà kì í ṣe ara iṣẹ́ akọ̀wé tí ń ra ọkà, iye owó náà sì tó láti mú ifura wá. Ẹni tí ó rí ohun ifura tí kò béèrè kò lè sọ pé wọ́n tan òun jẹ.

Ibi tí àwọn olówò ti máa ń ṣìṣe jù ni ìgbà tí wọ́n bá lé òṣìṣẹ́ kúrò. Ìléníṣẹ́ a máa fòpin sí àṣẹ gidi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ àfojúrí kò kú lójú àwọn oníbàárà àtijọ́ títí wọn yóò fi gbọ́. Nítorí náà, kí olówò gba ìwé rìsíìtì àti òǹtẹ̀ padà, kí ó sì fi tó oníbàárà kọ̀ọ̀kan létí. Kí ẹni tí ń tajà ní àwìn náà pe olówò fúnra rẹ̀ bí ọjà bá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó sì tọ́jú ẹ̀rí gbogbo owó tí olówò ti san rí.

Olówò tí ó bá san irú gbèsè yìí lè pe òṣìṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pé ó tàpá sí àṣẹ. Bí ilé-ẹjọ́ bá sì rí i pé kò sí àṣẹ kankan, òṣìṣẹ́ tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú ni ẹni tí ó tajà lè pè lẹ́jọ́, kì í ṣe olówò.